Gíráàmù ẹran kọ́ ni gíráàmù purotéènì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ilé-Ifẹ̀ ni mo wà, kìló 70 ni mo wọ̀n, mo sì máa ń gbé irin lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀. Wọ́n ní kí n máa jẹ purotéènì gíráàmù 112 lójúmọ́. Mo ra òṣùwọ̀n, mo sì ń wọn ẹran 112 jẹ lójoojúmọ́. Oṣù mẹ́ta rèé, apá mi ò yí padà. Ṣé kí n lọ ra páúdà ni?

Ìdáhùn: Má tíì ra nǹkan kan, ọmọ mi. Ẹni tó fún ọ ní 112 ò ṣìṣe. Gíráàmù 1.6 fún kìló kọ̀ọ̀kan tó fún ẹni tó ń gbé irin. 70 lọ́nà 1.6 ló di 112. Orí òṣùwọ̀n lo ti ṣìnà. Omi ló pọ̀ jù nínú ẹran, ọ̀rá náà sì wà níbẹ̀. Purotéènì, ìyẹn èròjà tí iṣan fi ń dàgbà, kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin lọ nínú ẹran màlúù tá a ti sè. Gíráàmù 112 tó ò ń jẹ yẹn, bí 29 péré ló fún ọ.

Eegun tún wà ńbẹ̀. Mo ra ẹsẹ̀ adìyẹ kan ní Lágeré lánàá, ó wọn 140. Nígbà tí mo jẹ ẹ́ tán, mo gbé eegun rẹ̀ sórí òṣùwọ̀n: 45. Ẹran 95 ni mo jẹ, purotéènì bí 26. Ti pọ̀nmọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kà á mọ́ ọn. Ó ní purotéènì lóòótọ́, àmọ́ irú èyí tí iṣan ò fi bẹ́ẹ̀ rí lò ni.

Bí èmi ṣe máa pín in rèé. Láàárọ̀, se ẹ̀wà tó wọn 100 kó tó débi omi, fi ẹyin méjì sí i: 35. Lọ́sàn-án, jẹ àmàlà pẹ̀lú ẹja títùs 120, kó o ti yọ eegun: 28. Lálẹ́, iyán àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí pẹ̀lú adìyẹ 100 láìsí eegun: 28. Tó o bá ti jíìmù dé, ẹ̀pà 50 àti mílíìkì páúdà 30 á fún ọ ní bí 20. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 111. Ẹ̀gúsí àti iyán á dí ìyókù.

Ẹni tó bá ní àìsàn kíndìnrín ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ètò yìí kó tó rí dókítà. Ẹni tó sanra jù náà, kó má fi gbogbo ìwọ̀n ara rẹ̀ ṣe ìṣirò; ìwọ̀n tó yẹ kó wà ni kó lò.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, tí irin tí ò ń gbé ò bá wúwo sí i, tí o ṣì wọn kìló 70 bákan náà, kì í ṣe purotéènì ló kù mọ́, oúnjẹ lápapọ̀ ni. Fi òkèlè iyán kún un.