Bí adìyẹ oko ilé-ìwé ṣe lè wọ inú síífíì

Ìbéèrè: “Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀kọ́ ọ̀gbìn ni mo kà ní yunifásítì, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ìlú tán. Mi ò tíì ṣiṣẹ́ níbì kankan rí. Ọdún tí a fi ṣiṣẹ́ lóko ilé-ìwé, pírójẹ́ẹ̀tì àṣekágbá, àti iṣẹ́ ọ̀fẹ́ tí mo bá àwọn àgbẹ̀ ṣe nígbà tí mo jẹ́ agùnbánirọ̀ nìkan ni mo ní. Ṣé mo lè kọ wọ́n sí abẹ́ ìrírí nínú síífíì mi láìpurọ́?”

Ẹ lè kọ wọ́n síbẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá pe iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tó ń jẹ́ gan-an, tí ẹ sì lè dáhùn ìbéèrè tí yóò tẹ̀lé e. Ẹ̀kọ́ ọ̀gbìn ni èmi náà kà. Ó pẹ́ kí n tó ríṣẹ́ lẹ́yìn tí mo sin ìlú tán, oko adìyẹ kan ló sì gbà mí níkẹyìn. Ọ̀gá tó fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò kò tilẹ̀ ṣí ìwé ẹ̀rí mi. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé àpò oúnjẹ mélòó ni 100 adìyẹ ẹlẹ́ran máa jẹ kí wọ́n tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Inú ìwé tí mo fi ń ṣe àkọsílẹ̀ lóko ilé-ìwé ni mo ti mọ̀ ọ́n, mo sì sọ fún un pé kò ní jìnnà sí 16, tó bá jẹ́ àpò kílò 25. Lónìí, èmi náà wà lára àwọn tó ń ka síífíì àwọn tó ń wáṣẹ́ wá sí oko wa, ibẹ̀ ni mo ti rí ọ̀pọ̀ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

Ọdún tí ẹ lò lóko ilé-ìwé ló níye lórí jù nínú ohun tí ẹ kà sílẹ̀ yẹn, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ ọmọ ń fi ìlà kan ṣoṣo gbé kọjá: “Mo kópa nínú iṣẹ́ oko ní ọdún kẹrin.” Ìlà yẹn kò sọ nǹkan kan fún wa, nítorí pé gbogbo ẹni tó ka ẹ̀kọ́ ọ̀gbìn ló ṣe é. Ẹ wá ìwé àkọsílẹ̀ yín jáde. Ká ní ẹ̀yin mẹ́fà lẹ sin adìyẹ ẹlẹ́ran 150 fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, tí 9 kú, tí àwọn 141 tó kù jẹ àpò oúnjẹ 24, tí ẹ sì tà wọ́n nígbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wọn kílò méjì. Àpò 24 jẹ́ kílò 600, ẹran tí ẹ tà sì jẹ́ kílò 282, ìyẹn ni pé ó gba oúnjẹ kílò méjì lé díẹ̀ kí ẹ tó rí ẹran kílò kan. Gẹ̀ẹ́sì lẹ máa fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n ohun tó máa sọ nìyí: “Oko adìyẹ yunifásítì, akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu iṣẹ́. A jẹ́ mẹ́fà tó sin adìyẹ ẹlẹ́ran 150 títí di ọ̀sẹ̀ kẹfà; èmi ni mo ń wọn oúnjẹ, tí mo sì ń kọ iye tó jẹ àti iye tó kú sílẹ̀ lójoojúmọ́. 9 ló kú. Kílò oúnjẹ 2.1 fún kílò ẹran kan.”

Ẹ wo bí mo ṣe ya “a” sọ́tọ̀ kúrò lára “èmi” níbẹ̀. Tí ẹ bá kọ ọ́ bíi pé ẹ̀yin nìkan lẹ sin adìyẹ náà, ìbéèrè kejì tàbí ìkẹta ló máa tú u. Èmi kì í bi èèyàn nípa 141 tó yè, àwọn 9 tó kú ni mo máa ń béèrè. Ìgbà wo ni wọ́n kú? Tó bá jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni, mo ń retí kí ẹni náà sọ̀rọ̀ nípa òtútù, bí àwọn òròmọdìyẹ ṣe ń gun ara wọn lórí nígbà tí iná tàbí èédú bá kú lóru. Tó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ kẹta tàbí ìkẹrin, mo ń retí ọ̀rọ̀ nípa ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ wọn, àti bóyá lẹ́búlẹ́bú pákó tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ ti tutù jù. Ẹni tó wà níbẹ̀ máa ń rántí, kódà ó lè máa ṣàlàyé títí tí màá fi dá a dúró. Ẹni tó yá iye lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ á kàn ní “àìsàn ni.” Kí ẹ tó fi síífíì ránṣẹ́, ẹ fún ẹnì kan láti ka ìlà kọ̀ọ̀kan, kó sì bi yín “báwo?” lẹ́ẹ̀mejì léraléra. Ìlà tí ẹ kò bá rí nǹkan sọ lé lórí nígbà kejì, ẹ yọ ọ́.

Ẹ má fi “Alábòójútó Oko” ṣe orúkọ ipò yín. A máa ń tẹ àwọn ilé-ìwé láago. Ẹ kọ oṣù tí ẹ bẹ̀rẹ̀ àti oṣù tí ẹ parí, kí ẹ sì pe àkòrí náà ní “Ìrírí” lásán, kó lè gba iṣẹ́ olówó àti iṣẹ́ aláìlówó. Tí fọ́ọ̀mù orí íńtánẹ́ẹ̀tì bá béèrè iye ọdún tí ẹ ti fi ṣiṣẹ́, ẹ má ka ọdún ilé-ìwé mọ́ ọn.

Ní ti pírójẹ́ẹ̀tì, ẹ fi àkòrí gígùn yẹn sílẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ẹ lọ sí ọjà mẹ́ta, tí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò gààrí 120 nípa owó tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ àti èrè wọn, ohun tó yẹ kí ẹ kọ nìyẹn. Oko adìyẹ lè má fi bẹ́ẹ̀ kà á sí, ṣùgbọ́n ilé ìfowópamọ́ kékeré tó ń yá àwọn oníṣòwò lówó máa fẹ́ mọ bí ẹ ṣe mú kí àwọn ìyá ọjà sọ iye tí wọ́n ń jẹ lérè fún ẹni tí wọn kò mọ̀ rí. Ṣùgbọ́n a mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀: ọ̀pọ̀ ló ń gbé ìṣirò orí kẹrin pírójẹ́ẹ̀tì wọn fún ẹni tó ń fi SPSS, ètò ìṣirò orí kọ̀ǹpútà, jẹun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà ilé-ìwé. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe, ẹ sọ pé ẹ kó èsì jọ, ẹ má sọ pé ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀. Àwọn kọ́ọ̀sì tí ẹ kà kò nílò àyè, àfi èyí tí ẹ ti fi ọwọ́ ara yín po oúnjẹ ẹran.

Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ àwọn agùnbánirọ̀, ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ ni, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ síwájú iye àgbẹ̀ tí ẹ bá ṣiṣẹ́ àti ohun tí ẹ kọ́ wọn. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ẹ kò mẹ́nu ba ibi tí wọ́n gbé yín sí láti sin ìlú gan-an. Ìbáà jẹ́ ilé-ìwé lẹ ti kọ́ àwọn ọmọ, ẹ ní ọ̀gá níbẹ̀, ẹ ní aago tí ẹ gbọ́dọ̀ dé, ẹ sì ń gba owó lóṣooṣù. Iṣẹ́ ni. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ìkéde tó bá ní kí ẹ ti ní ìrírí ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ìsìnlú, ẹ fi sílẹ̀. Kò sí bí a ṣe lè kọ oko ilé-ìwé tó máa di ọdún mẹ́ta. Èyí tó bá ń wá igbákejì alábòójútó tàbí ẹni tí wọ́n fẹ́ kọ́ níṣẹ́ ni kí ẹ dojú kọ. Fún ẹni tí yóò jẹ́rìí yín, ẹ má sáré mú ọ̀jọ̀gbọ́n tí kò mọ ojú yín. Ẹ mú òṣìṣẹ́ oko tó ń bá yín jí ní ìdájí, ẹ kọ́kọ́ pè é, kí ẹ sì rán an létí ọdún tí ẹ wà níbẹ̀ àti ilé adìyẹ tí ẹ bójú tó, nítorí pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ti kọjá lọ́wọ́ rẹ̀ pọ̀.