Bí a ṣe ń to ìlànà tuntun lẹ́sẹẹsẹ nínú ìméèlì

Ìbéèrè: Ẹ káàsán o. Èmi ni mo ń bójú tó owó ní ọ́fíìsì wa. Àwa 14 la wà ní ẹ̀ka mẹ́ta. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá fi owó ara rẹ̀ ra epo jẹnẹrétọ̀ tàbí bébà á ya fọ́tò rìsíìtì, á sọ ọ́ sórí WhatsApp, màá sì dá owó rẹ̀ padà. Ní báyìí a ti gbé e lọ sórí Google Forms. Mo kọ ìméèlì gígùn kan láti ṣàlàyé, ṣùgbọ́n ẹni mẹ́rin péré ló ṣe é bó ṣe yẹ. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ ní 1, 2, 3. Báwo ni kí n ṣe kọ ọ́ tí yóò fi yé gbogbo wọn?

Ìdáhùn: Kí ẹ tó fi nọ́ńbà sí ohunkóhun, ẹ wo irú gbólóhùn tó sábà máa ń wà nínú ìméèlì báyìí:

"Ẹ jọ̀wọ́, kí gbogbo wa máa lo fọ́ọ̀mù tuntun fún owó tí a bá ná, kí a fi fọ́tò rìsíìtì sí i lẹ́yìn tí a bá ti kọ iye owó àti ẹ̀ka wa, kí ó sì ti wọlé kó tó di Ọjọ́bọ̀, àyàfi bí rìsíìtì bá sọnù, kí a kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ ọ̀gá ẹ̀ka."

Kò sí irọ́ kankan níbẹ̀, kò sì ṣòroó kà. Ìṣòro rẹ̀ ni pé iṣẹ́ mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀, wọn ò sì tò bí ọwọ́ ṣe ń ṣe wọ́n. Ó ní kí ènìyàn fi fọ́tò sí i kó tó ní kó kọ iye owó, bẹ́ẹ̀ iye owó ló ṣáájú lórí fọ́ọ̀mù. Ẹni tí rìsíìtì rẹ̀ sọnù ti ṣí fọ́ọ̀mù, ó ti kọ̀wé dé ìdajì, kó tó kan ibi tí wọ́n ti ní kó lọ gba àṣẹ. Bí ẹ bá gé gbólóhùn yìí sí mẹ́fà tí ẹ sì fi nọ́ńbà sí wọn bí wọ́n ṣe tò yẹn, àṣìṣe kan náà ni wọn yóò máa ṣe.

Nítorí náà, ẹ má kọ ọ́ láti orí. Ẹ ṣí fọ́ọ̀mù náà lórí fóònù, ẹ mú rìsíìtì gidi kan dání, kí ẹ ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ohun tí ọwọ́ yín bá ṣe ni kí ẹ máa kọ sílẹ̀, bó ṣe tẹ̀ léra wọn. Ọ̀rọ̀ ìṣe ni kí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan fi bẹ̀rẹ̀: ẹ ya, ẹ tẹ, ẹ yan, ẹ kọ. "Rìsíìtì gbọ́dọ̀ wà nínú fọ́ọ̀mù" kì í ṣe ìgbésẹ̀, nítorí kò sọ ohun tí ọwọ́ yóò ṣe.

Bí ìméèlì yín ṣe lè rí rèé:

> Àkọlé: Bí a ó ṣe máa gba owó tí a ná padà, láti ọjọ́ Ajé, 2 Oṣù Kẹta
>
> Láti ọjọ́ Ajé, 2 Oṣù Kẹta, orí fọ́ọ̀mù nìkan la ó ti máa gba rìsíìtì. Èyí tó bá wọlé kó tó di aago 12 ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, a ó san owó rẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì. Èyí tó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.
>
> Bí rìsíìtì yín bá ti sọnù, ẹ má ṣí fọ́ọ̀mù. Ẹ pe ọ̀gá ẹ̀ka yín.
>
> Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀: fóònù tí ẹ ó lò gbọ́dọ̀ ti wọlé sí àkáǹtì Google yín.
>
> 1. Ẹ tẹ́ rìsíìtì sórí tábìlì níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀. Ọjọ́, orúkọ ilé epo tàbí ṣọ́ọ̀bù, àti àpapọ̀ owó gbọ́dọ̀ hàn ketekete.
> 2. Ẹ tẹ líǹkì fọ́ọ̀mù tó wà nísàlẹ̀ ìméèlì yìí.
> 3. Ẹ yan ẹ̀ka yín.
> 4. Nínú àpótí "Iye owó", ẹ kọ àpapọ̀ owó tó wà lórí rìsíìtì. Nọ́ńbà nìkan: 18500, kì í ṣe ₦18,500.
> 5. Ẹ tẹ Add file, kí ẹ mú fọ́tò rìsíìtì náà. Ẹ dúró títí ẹ ó fi rí orúkọ fọ́tò náà lábẹ́ ìbéèrè.
> 6. Ẹ tẹ Submit. Ẹ ó rí "Your response has been recorded." Bí ẹ kò bá rí i, fọ́ọ̀mù kò tíì wọlé.
> 7. Ẹ tọ́jú rìsíìtì gangan títí owó yóò fi wọ àkáǹtì yín.
>
> Bí ẹ bá dúró níbì kan, ẹ pè mí, kí ẹ sọ nọ́ńbà ìgbésẹ̀ tí ẹ wà.

Ẹ ṣàkíyèsí ibi tí ọ̀rọ̀ rìsíìtì tó sọnù wà. Òkè ló wà, kò sì ní nọ́ńbà. Ohun tó bá lè dá ènìyàn dúró tàbí kó gbé e gba ọ̀nà mìíràn gbọ́dọ̀ pàdé rẹ̀ kó tó fi ọwọ́ kan nǹkan kan. Bákan náà ni nínú gbólóhùn: ẹ kọ "Bí rìsíìtì bá ti sọnù, ẹ pe ọ̀gá", ẹ má kọ "Ẹ pe ọ̀gá bí rìsíìtì bá ti sọnù." Ẹni tó ń fi ojú sáré kàwé lórí fóònù á ti tẹ ọ̀gá láago kó tó ka ìdajì kejì. Ibi tí wọ́n ti ń ṣe nǹkan náà sì ń ṣáájú ohun tí wọ́n máa ṣe. Ìdí nìyẹn tí "Nínú àpótí Iye owó" fi wà níwájú ní ìgbésẹ̀ 4, tí "ẹ kọ" fi tẹ̀ lé e. Ibẹ̀ nìkan ni mo ti jẹ́ kí nǹkan mìíràn ṣáájú ọ̀rọ̀ ìṣe, torí pé àpótí lórí fọ́ọ̀mù pọ̀.

Wọ́n máa ń sọ pé iṣẹ́ kan ṣoṣo ni kó wà nínú ìgbésẹ̀ kan. Òótọ́ ni, àmọ́ ẹ má sọ ọ́ di òfin líle. Títẹ́ rìsíìtì àti yíya fọ́tò rẹ̀ jọ wà ní ìgbésẹ̀ 1 nítorí ojú kan náà ni wọ́n ti ń ṣe méjèèjì, kò sì sí ẹni tí yóò tẹ́ rìsíìtì kó gbàgbé láti yà á. Add file àti Submit kò gbọ́dọ̀ wà pọ̀ láé, torí pé ibi tí àṣìṣe ti ń wọlé gan-an ni àárín wọn. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá falẹ̀, fọ́tò lè pẹ́ kó tó wọlé, ẹlòmíràn á sì rò pé ó ti parí, á ti fóònù pa. Ìyẹn ni mo ṣe fi "ẹ dúró títí ẹ ó fi rí orúkọ fọ́tò" sí i. Ìgbésẹ̀ tí ènìyàn kò bá lè fi ojú rí pé ó ti yọrí, ẹ sọ ohun tí yóò rí fún un. Kò pọn dandan fún gbogbo wọn: ẹni tó bá yan ẹ̀ka ti rí i pé òun yan ẹ̀ka.

Ìgbésẹ̀ 4 ní àpẹẹrẹ nítorí pé "ẹ kọ iye owó" lè gba ọ̀nà mẹ́ta mẹ́rin jáde: 18500, ₦18,500, 18.5k, tàbí "ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún ààbọ̀". Bí àmì náírà tàbí ọ̀rọ̀ bá wọ inú ṣíìtì, ó lè kà á bí ọ̀rọ̀ lásán, kò sì ní rò ó mọ́ àpapọ̀. Ọwọ́ yín ni wàhálà yẹn máa já sí ní Ọjọ́bọ̀. Àpẹẹrẹ kan tó tọ́, pẹ̀lú èyí tí kò tọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ju àlàyé ìlà mẹ́ta lọ.

Ọ̀rọ̀ tó wà lójú fóònù, ẹ kọ ọ́ bó ṣe wà níbẹ̀ gẹ́lẹ́. Bí bọ́tìnì bá ń jẹ́ Submit, ẹ má pè é ní "bọ́tìnì ìfiránṣẹ́". Ẹni tó ń wá a lójú fóònù kò ní rí i.

Bí ẹ bá kọ ọ́ tán, ẹ má tíì fi ránṣẹ́ sí gbogbo ènìyàn. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan nínú àwọn mẹ́wàá tí kò rí i ṣe, kí ẹ jókòó tì í, kó ṣe é lórí fóònù tirẹ̀. Ẹ má sọ̀rọ̀. Ibi tó bá ti dúró, tàbí tó ti gbé ojú wò yín, nọ́ńbà ìgbésẹ̀ yẹn ni kí ẹ kọ sílẹ̀. Orí fóònù tirẹ̀ ṣe pàtàkì gan-an. Fọ́ọ̀mù tó bá ní ibi tí wọ́n ti ń gbé fáìlì sí máa ń béèrè pé kí ènìyàn kọ́kọ́ wọlé sí àkáǹtì Google. Ẹ̀yin ò lè rí i lórí kọ̀ǹpútà yín, torí pé ẹ ti wọlé tipẹ́. Ẹni tí kò rántí ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ á dúró síbẹ̀, á sì padà sórí WhatsApp. Kò yà mí lẹ́nu bí èyí bá wà lára ohun tó dá àwọn mẹ́wàá yẹn dúró. Ìdí nìyẹn tí ìlà "Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀" fi wà.

Ní ti nọ́ńbà fúnra rẹ̀, Gmail lórí kọ̀ǹpútà máa ń fi nọ́ńbà sí i fún yín bí ẹ bá tẹ `Ctrl+Shift+7`. Ó dára tó bá jẹ́ pé inú ìméèlì nìkan ni yóò wà. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá dà á kọ lọ sórí WhatsApp, àwọn nọ́ńbà náà lè má bá a dé ibẹ̀, bí ẹ bá sì ki àwòrán bọ àárín rẹ̀, kíkà lè bẹ̀rẹ̀ láti 1 lẹ́ẹ̀kan sí i. Fún ẹgbẹ́ tó ti mọ́ lára láti máa lo WhatsApp, ọwọ́ ni màá fi tẹ nọ́ńbà náà, màá sì kó àwòrán gbogbo sí ìsàlẹ̀, pẹ̀lú "Àwòrán ìgbésẹ̀ 5" lórí rẹ̀.

Bí fọ́ọ̀mù bá yí padà lẹ́yìn oṣù kan, ẹ má kọ "ẹ fi èyí rọ́pò ìgbésẹ̀ 4" ránṣẹ́ ní òun nìkan. Àwọn kan á máa lo ti àtijọ́, àwọn kan á máa lo ti tuntun, "mo wà ní ìgbésẹ̀ 5" kò sì ní túmọ̀ sí ohun kan náà lẹ́nu wọn mọ́. Ẹ fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ lákọ̀tun, kí ọjọ́ tuntun wà ní àkọlé, kí ìlà àkọ́kọ́ sì sọ ohun tó yí padà.

Ohun kan ṣì kù tí ìméèlì kò lè dá ṣe. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, rìsíìtì yóò ṣì máa wọlé sórí WhatsApp. Ẹ jẹ́ kí ọ̀gá yín ti fọwọ́ sí i ṣáájú pé ẹ kò ní san èyíkéyìí láti ibẹ̀. Bí ẹnì kan bá fi ránṣẹ́, ẹ fi líǹkì fọ́ọ̀mù dá a lóhùn, kí ẹ sì bi í ìgbésẹ̀ tó ti dúró.