Méèlì tó fẹ́ jọ ti Microsoft

"Ẹ jọ̀ọ́, security@rnicrosoft.com ní wọ́n fẹ́ ti akáǹtì mi, ṣé àwọn gan-an ni?"

Rárá o, ẹ má tẹ líǹkì yẹn. Ẹ fi ìka méjì fẹ ẹ̀yìn @ yẹn lójú fóònù, ẹ ó rí i pé kì í ṣe m ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, r àti n ni wọ́n lẹ̀ mọ́ra. Ẹ̀gbọ́n mi kan ní Lágere níbí wò ó lẹ́ẹ̀mẹta kó tó rí i, ó dùn mí gan-an torí ó ti fi páásìwọ́ọ̀dù sílẹ̀.

Líǹkì ńkọ́? Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pẹ́ títí àdírẹ́sì ẹ̀ á fi hàn, ẹ wá síláàṣì àkọ́kọ́ lẹ́yìn https://, kẹ́ ẹ ka ọ̀rọ̀ méjì padà sẹ́yìn láti ibẹ̀:

```
https://microsoft.com.example.net/login
```

example.net ló ni ín, microsoft tó wà níwájú yẹn, ẹnikẹ́ni ló lè kọ ọ́ síbẹ̀. Tó bá jẹ́ .com.ng ló parí ẹ̀, ẹ ka ọ̀rọ̀ kan sí i.

Àmọ́ tí ẹ̀yìn @ bá tiẹ̀ pé, ẹ ṣì yẹ líǹkì wò, torí wọ́n lè ṣe ayédèrú orúkọ ẹni tó fi ránṣẹ́.