Ọ̀tọ́mátà tó ń lọ tó ń bọ̀: kí ló dé tí agbára rẹ̀ ò fi lé sí i?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Olùkọ́ wa ní ọ̀tọ́mátà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ka ọ̀rọ̀ ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, tó lè lọ sọ́tùn-ún kó sì padà sósì lórí ọ̀rọ̀ tó ń kà kò lágbára ju èyí tó ń lọ sọ́tùn-ún nìkan, pé èdè rẹ́gúlà náà ni àwọn méjèèjì ń dá mọ̀. Kò yé mi. Ṣé ẹni tó lè padà lọ wo ohun tó ti kọjá kò ní mọ̀ jù ni?

Ìdáhùn: Ó lè padà lọ wò ó lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò lè kọ nǹkan kan sílẹ̀. Ipò tó bá wà, ìyẹn ìrántí kékeré inú rẹ̀, nìkan ló lè gbé bọ̀ láti apá òsì. Bí ipò rẹ̀ bá jẹ́ márùn-ún, ọ̀kan nínú márùn-ún náà ni yóò gbé jáde, bó ti wù kó rìn pẹ́ tó níbẹ̀. Orí èyí ni Shepherdson gbé ẹ̀rí rẹ̀ lé ní 1959, ọdún kan náà tí Rabin àti Scott tẹ ẹ̀rí tiwọn jáde.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹ̀rọ kan tó ń gba ọ̀rọ̀ tí lẹ́tà kẹta láti ẹ̀yìn bá jẹ́ `a`. Yóò lọ tààrà dé àmì ìparí, yóò yí padà sósì, yóò ka lẹ́tà ìkẹyìn ní ipò `p1`, èyí tó ṣáájú rẹ̀ ní `p2`, ẹ̀kẹta ní `p3`. Ibẹ̀ ló ti ń dájọ́: bó bá jẹ́ `a`, ó gbà, bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, tàbí tó bá kan àmì ìbẹ̀rẹ̀, ó kọ̀.

Wàyí o, ká ní à ń lọ sọ́tùn-ún nìkan, a sì ti ka `bab`. Kí la tún lè fẹ́ mọ̀ nípa rẹ̀? Bí ẹ̀rọ náà bá padà wá bá lẹ́tà ìkẹyìn rẹ̀ ní `p1`, ní `p2`, tàbí ní `p3`, kí ni yóò ṣe? Ìdáhùn rẹ̀ ni: kọ̀, gbà, kọ̀. Ẹ kọ àtẹ yìí, kí ẹ gbàgbé `bab`. Bí lẹ́tà tó kàn bá jẹ́ `a`, ìdáhùn `p2` àtijọ́ di ti `p1`, ti `p3` di ti `p2`, `p3` tuntun sì di gbà. Àtẹ `baba` nìyẹn: gbà, kọ̀, gbà. Irú àtẹ bẹ́ẹ̀ kò ju 8 lọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ni ipò kan nínú ẹ̀rọ ọlọ́nà kan.

Àwọn ẹ̀rọ mìíràn máa ń wọ òsì, wọ́n á jáde sórí lẹ́tà tuntun, wọ́n á tún wọlé. Gbogbo ìgbà tó bá wọlé, àtẹ àtijọ́ ni yóò sọ ipò tí yóò bá jáde. Ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti sábà máa ń ṣìnà rèé: bó bá padà sórí lẹ́tà náà ní ipò tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, kò ní jáde mọ́ láéláé, a ó sì kọ “kọ̀” síbẹ̀. Fún ẹ̀rọ tó ní ipò `n`, tí a bá fi ìlà kan kún un fún ìgbà tó kọ́kọ́ jáde, àtẹ kò lè ju `(n+2)^(n+1)` lọ. Iye náà pọ̀, àmọ́ ó lópin.

Èrè pípadà wà nínú kíkéré ẹ̀rọ. Bó bá jẹ́ lẹ́tà kẹwàá láti ẹ̀yìn là ń wá, ipò bíi méjìlá tó ẹ̀rọ ọlọ́nà méjì. Ọlọ́nà kan tí kì í méfò kò lè ní dín ní 1024. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó lè fi àmì sórí lẹ́tà tó ti kà, kíá ni yóò máa pa `a` kan àti `b` kan rẹ́, tí yóò fi dá `a^n b^n` mọ̀, ìyẹn `a` mélòó kan tí `b` tí iye wọn dọ́gba tẹ̀ lé. Èdè yẹn kì í ṣe rẹ́gúlà mọ́.