Fọ́tò Màmá tí ìtàkùn páásípọ́ọ̀tù ń dá padà

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ìtàkùn ti dá fọ́tò Màmá mi padà. Lákọ̀ọ́kọ́, ó ní ẹ̀yìn rẹ̀ kò funfun. Lẹ́yìn náà, ó ní ojú kò hàn dáadáa. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó ní àwòrán náà kéré jù. Ọmọ àbúrò mi ló fi fóònù yà á nílé wa ní Òkè-Àdó, ó sì fi ránṣẹ́ sí mi ní Mánṣẹ́sítà lórí Wásáàpù. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?"

Ẹ kú ìrọ́jú o. Iṣẹ́ fọ́tò ni mo ń ṣe ní Mọ́kọ́lá níbí, irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ kò sì wọ́n lórí tábìlì mi láti ìgbà tí ìjọba Nàìjíríà ti gbà, ní oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ ọdún 2024, pé kí olúkúlùkù máa gbé fọ́tò rẹ̀ sókè fúnra rẹ̀. Bí mo ṣe rí ọ̀rọ̀ yín, àṣìṣe méjì ni, kì í ṣe mẹ́ta. Ibi tí Màmá jókòó sí ló bí méjì àkọ́kọ́, ọ̀nà tí fọ́tò gbà dé ọ̀dọ̀ yín ló sì bí ìkẹta. Ẹ má wulẹ̀ máa tún ti àtijọ́ ṣe mọ́, ẹ jẹ́ kí ọmọ náà ya òmíràn.

Kámẹ́rà fóònù lè má mọ̀ pé ojú Màmá ni a ń wá. Gbogbo ìmọ́lẹ̀ tó wà níwájú rẹ̀ ló ń wọ̀n pọ̀. Nígbà tí ògiri funfun bá gba ibi tó pọ̀ nínú àwòrán, kámẹ́rà á gbà pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á sì dín gbogbo rẹ̀ kù lẹ́ẹ̀kan náà, ògiri á di àwọ̀ eérú, ojú èèyàn dúdú bíi tiwa á sì ṣókùnkùn débi pé a kò ní dá ẹyinjú mọ̀ yàtọ̀ sí ipéǹpéjú. Ìdí nìyí tí ẹ fi gbọ́ ẹ̀sùn ẹ̀yìn àwòrán àti ẹ̀sùn ojú lórí ohun kan ṣoṣo. Kí ọmọ náà fi ìka tẹ ojú Màmá lórí gíláàsì fóònù. Àmì oòrùn kékeré kan á yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ lórí ọ̀pọ̀ fóònù, kí ó rọra fà á sókè títí ìlà ara ojú yóò fi hàn, kí ó sì dúró kí iwájú orí tó bẹ̀rẹ̀ sí í dán bíi gíláàsì.

Ní ti ìjókòó, kí wọ́n gbé àga sí fàràndá ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀, níbi tí ojúmọ́ ti mọ́ dáadáa ṣùgbọ́n tí oòrùn fúnra rẹ̀ kò dé, kí Màmá sì kọjú sí ìta. Kí àga jìnnà sí ògiri ní ìgbésẹ̀ méjì, ìyẹn nǹkan bíi mítà kan, nítorí bí ẹ̀yìn orí bá sún mọ́ ògiri, òjìji á jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí, ìtàkùn kò sì fẹ́ òjìji rárá. Kí wọ́n pa fíláàṣì. Bí ògiri ilé bá jẹ́ àwọ̀ bọ́tà, bí ọ̀pọ̀ ilé wa ṣe rí, kí wọ́n ta aṣọ ibùsùn funfun sí i, ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ lọ̀ ọ́, torí ojú ibi tí wọ́n ti ká a máa ń hàn bí ìlà. Kí wọ́n sì tẹ́ aṣọ ìnura funfun sórí itan Màmá: yóò da ìmọ́lẹ̀ padà sí abẹ́ àgbọ̀n àti ihò ojú, ibi tí ó máa ń ṣókùnkùn jù lójú àgbàlagbà. Kí aṣọ tí Màmá wọ̀ má ṣe funfun, kí èjìká má baà bá ẹ̀yìn àwòrán lọ.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ti sọ fún yín pé kí ẹ fi áàpù nu ẹ̀yìn àwòrán kúrò. Ẹ má ṣe é fún Màmá. Bí irun wọn bá ti funfun, áàpù náà kì í mọ ibi tí irun parí sí, yóò gé orí wọn bí ẹni gé iṣu, ẹni tó ń yẹ fọ́tò wò á sì rí etí ibi tí ó gé tó gún ṣákaṣàka. Ohun tó ń mú ojú dán náà, ẹ bá mi pa á. Ó máa ń nu pélé kúrò lẹ́rẹ̀kẹ́ àgbà, ojú náà kò sì ní bá èyí tó wà nínú páásípọ́ọ̀tù àtijọ́ mu mọ́.

Gèlè gbọ́dọ̀ kúrò lórí, àyàfi ìbòrí ẹ̀sìn, ìyẹn náà kò sì gbọdọ̀ bo iwájú orí tàbí àgbọ̀n. Kí wọ́n bọ́ awò ojú, kí ẹnu pa dé, kí ojú là, kí wọ́n wo kámẹ́rà gan-an. Kí ọmọ náà dúró ní mítà kan àbọ̀, kí fóònù wà ní ọ̀gangan ojú Màmá: bí ó bá sún mọ́ wọn jù, imú á tóbi, etí á sì sá sẹ́yìn. Èèyàn máa ń fẹ́ sún mọ́ ọn kí ojú lè kún àwòrán, ṣùgbọ́n gígé ni a fi ń ṣe ìyẹn.

Ìlànà tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń lò fún páásípọ́ọ̀tù ni pé kí ojú, láti àgbọ̀n dé àtàrí, gba ìdá 70 sí 80 nínú ọgọ́rùn-ún gíga fọ́tò. Fọ́tò náà fúnra rẹ̀ jẹ́ mílímítà 35 ní fífẹ̀ àti 45 ní gíga. Ibí gan-an ni Wásáàpù ti bá yín jà. Ẹ jẹ́ ká ní fóònù ọmọ náà ya àwòrán tí gíga rẹ̀ jẹ́ píksẹ́lì 4032, tí ojú Màmá sì gba ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀. Ojú yẹn jẹ́ nǹkan bíi 806. Bí ẹ bá gé e kí ojú lè jẹ́ ìdá 75, fọ́tò yín á jẹ́ nǹkan bíi 1075 ní gíga àti 836 ní fífẹ̀, ó sì dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá fi ránṣẹ́ bí a ṣe ń fi àwòrán lásán ránṣẹ́, Wásáàpù á fún un pọ̀ títí gíga rẹ̀ á fi di nǹkan bíi 1600. Ojú á di 320, fọ́tò tí ẹ máa gé nínú rẹ̀ kò sì ní ju 427 sí 332 lọ. Bí ẹ bá wá fà á kí ó tóbi, píksẹ́lì á pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú á rí bí ohun tí a wò láti inú omi.

Nítorí náà, kí ọmọ náà tẹ àmì ìsomọ́, kí ó yan `Document`, kí ó wá mú fọ́tò náà láti ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe dé ọ̀dọ̀ yín láì dín kù. Bí ó bá jẹ́ áífóònù, kí ó kọ́kọ́ lọ sí `Settings`, `Camera`, `Formats`, kí ó yan `Most Compatible`, kí fáìlì lè jẹ́ `.jpg` dípò `.heic`. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti gé e, ẹ wo ìwọ̀n tó pọ̀ jù tí ìtàkùn kọ sí abẹ́ ibi ìgbéwọlé. Bí fáìlì yín bá ju ìyẹn lọ, ẹ dín ìdára `.jpg` kù sí 80 nígbà tí ẹ bá ń fi pamọ́, ẹ má fọwọ́ kan píksẹ́lì rẹ̀. Kí ẹ tó gbé e sókè, ẹ fẹ̀ ẹ́ lórí kọ̀ǹpútà títí ẹyinjú kan ṣoṣo á fi kún gíláàsì: bí ẹ bá lè rí irun ìpéǹpéjú níkọ̀ọ̀kan, ẹ gbé e sókè.