Pípe Àfáà Àgbà Síbi Àpérò Ọ̀dọ́

Ìbéèrè: Àfáà wa, àsàlámù àlékúmù. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ Mùsùlùmí àdúgbò wa. A fẹ́ kí Imáàmù àgbà kan wá bá wa sọ̀rọ̀ níbi àpérò wa. Báwo ni mo ṣe máa kọ lẹ́tà náà tí kò fi ní jọ àfojúdi? Àwọn kan tiẹ̀ ní ká ti gbé fọ́tò wọn sí póṣítà ká tó gbọ́ èsì, kí wọ́n má baà lè kọ̀. Ṣé ó tọ́?

Ìdáhùn: Wa àlékúmù sàlámù, ọmọ mi. Ẹ má dán ti póṣítà yẹn wò. Ẹni tí ẹ gbé fọ́tò rẹ̀ síta kó tó gbà, ẹ ò pè é, ẹ fipá mú un ni. Nínú Súrátù Núúrù, àáyà 28, Ọlọ́hun sọ fún ẹni tó lọ sílé onílé pé bí wọ́n bá ní kó padà, kó padà, ìyẹn ló mọ́ jù fún un. Orúkọ èèyàn kò yàtọ̀ sí ilé rẹ̀ nínú èyí: olúwa rẹ̀ ló láṣẹ lé e. Bí Imáàmù ò bá sì wá lọ́jọ́ náà, àwọn tó jókòó á ní Bàbá já àwọn kulẹ̀, bẹ́ẹ̀ Bàbá ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Ní ti lẹ́tà, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ rò pé ọ̀wọ̀ ni kéèyàn to oríkì jọ: òkun ìmọ̀, ẹni tí kò lẹ́gbẹ́ nílẹ̀ Yorùbá. Ẹnì kan yin ẹlòmíràn níwájú Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọ̀la Ọlọ́hun máa bá a), Ànábì sì sọ fún un pé o ti gé ọrùn ẹnìkejì rẹ. Bùkáárì àti Músílímù ló gbà á wá. Oyè tí wọ́n fi ń pè é ní mọ́sáláṣí rẹ̀ ti tó. Ibi tí mo ti máa ń rí àfojúdi gan-an ni ìparí lẹ́tà: "Ẹ gbọ́dọ̀ dé kí aago 10 tó lù." Ta ní ń sọ "gbọ́dọ̀" fún bàbá rẹ̀?

Lẹ́tà tí Ànábì kọ sí Hirákílì, ọba Róòmù, kò gùn. Ó fi Bísímílláhì bẹ̀rẹ̀, ó sọ ẹni tó kọ ọ́, ó pe ọba náà ní ẹni ńlá àwọn ará Róòmù, ó sì bọ́ sórí ohun tó fẹ́ sọ. Tìrẹ lè lọ báyìí:

"Bísímílláhì Rahmánì Rahímì. Láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ Mùsùlùmí àdúgbò, sí Bàbá wa, Imáàmù Àgbà. Àsàlámù àlékúmù. Bàbá, a kí yín, a kí ilé. A ń tọrọ àyè kí ẹ bá wa dá sí ọ̀rọ̀ owó tí àwọn ọ̀dọ́ ń yá lórí fóònù. Gbọ̀ngàn ilé-kéú wa ni, lọ́jọ́ Sátidé. Àwọn bí 150 ló máa jókòó, ọmọ ọdún 16 sí 25. Aago 11 àárọ̀ la fẹ́ kí ẹ bẹ̀rẹ̀, fún ìṣẹ́jú 40, ká fi ìṣẹ́jú 20 gba ìbéèrè, ká sì parí kí ìrun Àìlà tó tó. A ó fi mọ́tò wá gbé yín ní aago 10, a ó sì gbé yín padà. Bí ọjọ́ náà kò bá rọrùn fún yín, ohun tí ẹ bá sọ la ó tẹ̀ lé."

Kọ déètì rẹ̀ sí i, àti nọ́ńbà ẹnì kan ṣoṣo tí wọ́n lè pè.

Orí àkòrí ni kí o ti lo àkókò jù. Bí o bá kọ "Ojúṣe ọ̀dọ́ nínú ẹ̀sìn", wáàsí tí wọ́n ṣe ní Jímọ́ọ̀ tó kọjá lẹ máa tún gbọ́. Owó orí fóònù yìí, ó ṣeé ṣe kí Bàbá má rí i rí. Fi ìwé kékeré kan mọ́ lẹ́tà, kí o ṣàlàyé níbẹ̀ pé ọmọ kan á yá náírà 10,000, iye tó máa san padà á ju bẹ́ẹ̀ lọ, bó bá sì pẹ́, wọ́n á máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ bà á lórúkọ jẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tí nọ́ńbà wọn wà lórí fóònù rẹ̀. Kọ ìbéèrè mẹ́ta tí àwọn ọ̀dọ́ ń bi ara wọn sí i, bíi ti ẹni tó ti yá a tán: ṣé kó san èlé náà? Bàbá á lè ronú sí i nílé. Kí ọmọdé béèrè ohun tí àgbà kò gbọ́ rí lójú èrò, ìyẹn burú ju kí oyè kan fò nínú lẹ́tà lọ.

Má fi Wọ́tsáàpù rán an. Kí ìwọ àti àgbàlagbà kan mú un lọ lẹ́yìn ìrun Alásárì, kì í ṣe lẹ́yìn Jímọ́ọ̀ tí èrò ti yí wọn ká. Ibnu Abáásì, ọmọ àbúrò bàbá Ànábì, a máa lọ gba hádíìsì lẹ́nu ọ̀nà àwọn Sàhábà lọ́sàn-án gangan. Bí onílé bá ń sùn, á tẹ́ aṣọ sílẹ̀, atẹ́gùn á máa fẹ́ eruku lù ú, kò ní kan ìlẹ̀kùn.

Ẹ má dárúkọ iye owó nínú lẹ́tà. Ohun tí ẹ bá ní, ẹ fi sínú àpòòwé, ẹ fún wọn nínú mọ́tò, kì í ṣe lórí pèpéle. Bí wọ́n bá ní àwọn ò ráyè, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yan ọ̀kan nínú àwọn ọmọ kéú wọn fún yín, ẹ má sì wá ẹlòmíràn lọ bá wọn pé kó bá yín bẹ̀ wọ́n.

Wàlláhù àlámù.