Bí A Ṣe Ń Yẹ Ìkéde Iṣẹ́ Orí Wásáàpù Wò

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹnì kan fi ìkéde sí ẹgbẹ́ Wásáàpù àwa tí a jọ jáde ilé-ìwé. Wọ́n ní ilé-iṣẹ́ ńlá kan ní Ìkẹjà ń wá agbàlejò, 180,000 náírà lóṣù, kò sì di dandan kí ènìyàn ti ṣe irú iṣẹ́ náà rí. Nọ́ńbà Wásáàpù nìkan ni wọ́n kọ síbẹ̀. Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Àbúrò mi ọ̀wọ́n, ohun tí iṣẹ́ ìgbanisíṣẹ́ tí mò ń ṣe ti kọ́ mi ni pé a kì í gba ọ̀nà tí ìkéde fúnra rẹ̀ là sílẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò. Bí o bá pe nọ́ńbà tí ó wà nínú rẹ̀ láti béèrè bóyá òótọ́ ni, ẹni tí ó kọ ọ́ náà ni yóò dá ọ lóhùn.

Kọ́kọ́ wo òkè ìkéde náà. Bí Wásáàpù bá kọ "Forwarded many times" síbẹ̀, ó ti gba ọwọ́ ènìyàn márùn-ún ó kéré tán kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ yín, ẹni tí ó fi í sí ẹgbẹ́ lè má mọ orísun rẹ̀ rárá. Bi í ní ìkọ̀kọ̀ pé ọwọ́ ta ni ó ti gbà á, àti pé ṣé ẹni náà ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Bí kò bá lè sọ, inú rere lásán ni ó fi pín in, má fi í ṣe ẹlẹ́rìí.

Lẹ́yìn èyí, béèrè orúkọ ilé-iṣẹ́ náà, nítorí "ilé-iṣẹ́ ńlá kan" kì í ṣe orúkọ. Bí wọ́n bá ní o máa mọ̀ ọ́n bí o bá dé ibi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, má lọ. Báyìí ni wọ́n ṣe ń kó àwọn ọ̀dọ́ jọ sí gbọ̀ngàn láti wá ta ọjà fún wọn, tàbí láti ní kí wọ́n fi owó wọlé kí wọ́n sì mú ẹlòmíràn wá. Bí wọ́n bá dárúkọ, wá a lórí ìkànnì CAC, níbi tí ilé-iṣẹ́ tí ó bá forúkọ sílẹ̀ ti ní nọ́ńbà RC. Bí o bá rí "INACTIVE" lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, má tìtorí rẹ̀ sá: ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ gidi ni kò fi ìròyìn ọdọọdún wọn ránṣẹ́ lásìkò. Má sì tìtorí pé o rí orúkọ náà níbẹ̀ kí o fọkàn balẹ̀, nítorí orúkọ rere ni àwọn gbájúẹ̀ ń jí lò.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lójú mi nìyẹn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan dé ẹnu géètì wa ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí ó lọ̀ dáadáa, ó sì mú ìwé ìgbanisíṣẹ́ tí àmì ilé-iṣẹ́ wa wà lórí rẹ̀ lọ́wọ́. Orúkọ wa tọ̀nà, nọ́ńbà RC wa tọ̀nà, àdírẹ́sì wa náà tọ̀nà, nítorí kò sí èyí tí ènìyàn kò lè rí lórí ayélujára nínú wọn. Íméèlì tí wọ́n fi fi ìwé náà ránṣẹ́ ni kò tọ̀nà: orúkọ wa ni ó ṣáájú, ṣùgbọ́n gmail.com ni ó tẹ̀lé àmì @, bẹ́ẹ̀ orúkọ ìkànnì wa ni ó máa ń wà níbẹ̀ nínú íméèlì tiwa. Ó ti san 15,000 náírà fún aṣọ iṣẹ́ àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ sínú àkáǹtì tí ó ń jẹ́ orúkọ ènìyàn. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ẹ̀ṣọ́, ó ń ka ìwé náà lákàtúnkà. Ká ní ó ti pe nọ́ńbà tí ó wà lórí ìkànnì wa kí ó tó sanwó ni, ìṣẹ́jú méjì péré ni a ò bá fi sọ fún un pé kò sí àyè iṣẹ́ náà lọ́dọ̀ wa.

Nítorí náà, agbanisíṣẹ́ tí ó bá gba owó lọ́wọ́ rẹ kí o tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ì báà jẹ́ owó fọ́ọ̀mù, ti àyẹ̀wò ara tàbí ti aṣọ, fi í sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ní ti ìwé, nọ́ńbà àkáǹtì lásán kò léwu, a sì máa ń gbà á lọ́wọ́ ẹni tí a bá ti gbà síṣẹ́ kí a lè san owó oṣù rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tí agbanisíṣẹ́ fẹ́ fi OTP tàbí àwòrán káàdì báńkì rẹ ṣe. Nínú sífíì rẹ, orúkọ ìlú tí ò ń gbé ti tó. Yọ nọ́ńbà ilé, ọjọ́ ìbí àti NIN kúrò.

Mo gbọ́dọ̀ fi èyí kún un kí o má baà ṣi iṣẹ́ rere nù. Ilé ìtajà òògùn, ilé-ìwé aládàáni àti ilé oúnjẹ kéékèèké kì í sábà ní ìkànnì, gmail náà ni wọ́n ń lò, Wásáàpù sì ni wọ́n fi ń wá òṣìṣẹ́. Ẹsẹ̀ ni a fi ń yẹ irú wọn wò: lọ síbẹ̀ lọ́sàn-án bí ẹni tí ó fẹ́ rajà, kí o bi òṣìṣẹ́ tí o bá bá níbẹ̀ bóyá ọ̀gá wọn ń wá ènìyàn. Bí wọ́n bá pè ọ́ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, tí wọ́n sì yí ibi tí ẹ ó ti pàdé padà nígbà tí o ti wà lọ́nà, padà sílé.

Ní ti ìkéde tìrẹ, má tíì fi sífíì ránṣẹ́. Kọ̀wé sí nọ́ńbà náà lálẹ́ òní, kí o béèrè orúkọ ilé-iṣẹ́ náà àti àdírẹ́sì rẹ̀ nìkan, kí o sì fi ohun tí wọ́n bá fèsì ránṣẹ́ sí mi bí ó ṣe wà gẹ́lẹ́.